Bó o ṣe máa fi àròpọ̀ inú ìwé mú nọ́mbà tí ẹ̀rọ ṣì kà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo síkáànù ìwé ìṣirò kòkó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi Tesseract, ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, kó àwọn nọ́mbà ẹ̀ sínú Excel. Ojú ìwé 40 ni, mi ò lè jókòó máa ka nọ́mbà kọ̀ọ̀kan. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti kà á ṣì?

Ìdáhùn: Àbúrò, jọ̀ọ́ má pa àròpọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ tébùlù yẹn rẹ́ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní Excel á ṣáà rò ó fúnra ẹ̀. Àròpọ̀ yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí tó o ní. Akọ̀wé ti rò ó tipẹ́ kó tó di pé ẹ̀rọ ẹ fojú kàn án, torí náà tí ẹ̀rọ bá ṣi nọ́mbà kan kà, ìṣirò tìẹ àti ti akọ̀wé ò ní bára mu mọ́.

Jẹ́ ká sọ pé iye àpò kòkó rèé, ẹkùn mẹ́ta, oṣù mẹ́ta, bí ẹ̀rọ ṣe kó o jáde:

```
         Ṣẹ́rẹ́  Èrèlé  Ẹrẹ́nà  Àpapọ̀
Ẹkùn 1   412    385    296    1093
Ẹkùn 2   588    471    360    1369
Ẹkùn 3   227    319    184    730
Àpapọ̀    1177   1175   840    3192
```

Nọ́mbà bẹ̀rẹ̀ láti B2. Kọ ti àkọ́kọ́ yìí sí F2, kó o fà á dé F5, kó o kọ ìkejì sí B6, kó o fà á dé E6:

```
=SUM(B2:D2)-E2
=SUM(B2:B4)-B5
```

Òdo ló yẹ kó jáde níbi gbogbo. Níbí, F3 máa gbé 50 jáde, B6 náà á gbé 50 jáde, ìyókù á jẹ́ òdo. Ìlà Ẹkùn 2 àti òpó Ṣẹ́rẹ́ pàdé lórí 588, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tún wo 50 yẹn fúnra ẹ̀, ó ń sọ fún ẹ pé nọ́mbà àárín ló fi 5 lé, 3 àti 8 sì jọra gan-an tí yíǹkì bá ti tàn díẹ̀, á jẹ́ pé 538 ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n má kàn yọ 50 kúrò lórí àga tó o jókòó sí, ṣí ojú ìwé yẹn, fi ojú ara ẹ rí 3 náà kó o tó tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ ìlà kan ló ní àléébù, tí gbogbo òpó oṣù sì jẹ́ òdo ńkọ́? Wo òpó Àpapọ̀. Ká ní ẹ̀rọ ka 730 sí 780, ìlà Ẹkùn 3 á gbé -50, òpó Àpapọ̀ á gbé 50. Tí àmì wọn bá ti kọjú síra báyìí, àròpọ̀ ló ṣì kà, kì í ṣe nọ́mbà inú. Tó bá sì jẹ́ ìlà méjì ni, ọ̀kan 64, èkejì -64, tí àwọn òpó sì wà ní òdo, nọ́mbà méjì ló gba ipò ara wọn nínú òpó kan, bíi kí 296 àti 360 pààrọ̀. Ibi tí ìwé bá ti wọ́ nígbà tó o ń síkáànù lèyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Èyí tó máa ń gba àkókò mi jù ni kí lẹ́tà O wọnú nọ́mbà. Tí 360 bá di 36O, Excel ò ní pariwo rárá, SUM á kàn fò ó, ìlà àti òpó ẹ̀ á wá gbé -360, ìyẹn gbogbo nọ́mbà náà pátá. Nítorí náà kó o tó bẹ̀rẹ̀, kọ `=COUNT(B2:E5)`, 16 ló gbọ́dọ̀ jáde fún tébùlù yìí. Tó bá dín, lẹ́tà tàbí àlàfo wà níbì kan.

Nígbà míì wàá yẹ ìwé wò, wàá rí i pé ohun tí ẹ̀rọ kà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, akọ̀wé ló ṣìṣe. Tí ìyàtọ̀ ẹ̀ bá ṣeé fi 9 pín, wò ó bóyá ó kọ 54 síbi 45, èèyàn ló sábà máa ń ṣe irú ìyẹn, ẹ̀rọ kì í sábà yí nọ́mbà padà bẹ́ẹ̀. Má tún un ṣe o, fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kọ àlàyé sí òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo òdo yìí ò lè mú ṣá. Tí orúkọ ẹkùn méjì bá gba ipò ara wọn, tí nọ́mbà wọn dúró síbi tó wà, àròpọ̀ á bára mu rẹ́gí, kòkó Ẹkùn 1 á sì ti di ti Ẹkùn 2. Orúkọ àti oṣù, ojú ẹ ni kó o fi kà wọ́n ní gbogbo ojú ìwé 40 yẹn, wọn ò pọ̀ tó nọ́mbà.