Ìwé Tí Onílé Ní Kí O Kọ Dà?

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo ń kí bàbá onílé wa láràárọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dáhùn tán, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò ti máa ń já lẹ́nu mi. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn, mo rò ó pé ọ̀rọ̀ inú ilé kò tó ìwé. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti rí mi, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà. Báwo ni kí n ṣe máa kí wọn tí inú wọn yóò fi dùn sí mi?"

Fi ìkíni sílẹ̀ ná. Ìwé tí wọ́n ní kí o kọ dà? O sáré kọjá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà rẹ wà. Irú lẹ́tà yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi, ó sì ti sú mi: ayálégbé á ro ẹjọ́ lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wá ní onílé kò kọbi ara sí òun.

Ẹni tó ń kánjú jáde lo ń sọ fún pé òrùlé ń jò. Yàrá wo? Láti ìgbà wo? Bí wọ́n bá pe káfíńtà lọ́la, kí ni wọn yóò sọ fún un? Bí ọ̀rọ̀ bá sì di àríyànjiyàn, ìwọ náà kò ní ọjọ́ kan tí o lè tọ́ka sí.

Kọ ọ́ lónìí, lórí fóònù tàbí lórí ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àjà yàrá apá ọ̀tún ti ń jò láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bí òjò bá bá atẹ́gùn wá ló ń jò, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ kì í wọlé. Ògiri ti ń rin. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni káfíńtà lè wá wò ó?" Fi déètì sí i, fi fọ́tò kún un. Má fo ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn o: òun ni yóò jẹ́ kí káfíńtà kọ́kọ́ yẹ etí páànù wò, àti ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, kọ òmíràn, kí o mẹ́nu ba déètì ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ jí dáadáa?" ti tó. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ilé ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. "A dúpẹ́, sà," kí o máa bá tìrẹ lọ. Bí àwọn fúnra wọn bá dá ọ̀rọ̀ òrùlé sílẹ̀, béèrè ìgbà tí ẹ lè jókòó sọ ọ́. Wáyà tó ń ta iná tàbí omi tó ń ya wọlé nìkan ni kò gbọdọ̀ dúró de ìwé. Ìyẹn, sáré lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Bí wọ́n bá tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ́la, má tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé o kàn ń kí àwọn ni.