Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu rẹ ni wọ́n lè fún ní máàkì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, yàrá fáìlì ọsibítù aládàáni kan ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́rin. Iléeṣẹ́ ìjọba kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé èèyàn mẹ́ta ló máa jókòó, pé àmúyẹ márùn-ún ni wọ́n máa wò láàárín 30 ìṣẹ́jú, máàkì 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹni tí kò bá gba 3 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò yege. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Báwo ni mo ṣe máa múra sílẹ̀?

Ìdáhùn: O ṣeé tí o kọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà fún mi, torí inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí o kọ́kọ́ dì mú. Tí ẹnì kan bá gba 5 nínú àmúyẹ mẹ́rin, tó wá gba 2 nínú ìkarùn-ún, 22 ló ní lápapọ̀, síbẹ̀ ó ti já. Ẹni tó gba 3 jálẹ̀, 15 péré ló ní, ó sì ti yege. Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ ìmúra rẹ láti ibi tó dùn mọ́ ọ. Àmúyẹ tí o bá kà tí àyà rẹ já ni kí o kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ fún ọ. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, a ti fẹnu kò lórí ìbéèrè, ìbéèrè kan náà la ó sì bi gbogbo èèyàn. Ìwé máàkì wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Lábẹ́ àmúyẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ àwọn àmì tí a ó máa tẹ́tí sí: irú ìdáhùn tó tọ́ sí 1, irú èyí tó tọ́ sí 3, irú èyí tó tọ́ sí 5. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ là ń kọ. Tí o bá jáde tán, kálukú á kọ́kọ́ kọ máàkì tirẹ̀ láì bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn la tó máa fi wé ara wọn. Tí mo bá kọ 4, tí ẹnì kejì mi kọ 2, alága á ní kí n ka ohun tí mo gbọ́ síta. Tí mi ò bá rí nǹkan kà nínú ìwé mi, mo ní láti fa 4 yẹn wálẹ̀. Ó lè dá mi lójú pé òṣìṣẹ́ gidi ni ẹni náà, kò sí ibi tí mo máa kọ ìyẹn sí. Ìwé ẹ̀rí rẹ ló gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni wọ́n máa wọ̀n nínú yàrá.

Àwọn àmì yẹn kì í ṣe awo. Wá ìpolówó iṣẹ́ náà jáde, kí o ka ibi tí wọ́n to ojúṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti fa àmì jáde. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ lè “yanjú ìṣòro”, ohun tí a ń retí láti gbọ́ ni bí o ṣe mọ ohun tó fa ìṣòro, ohun tí o yàn láti ṣe àti ìdí tí o fi yàn án, ẹni tí o bá sọ̀rọ̀, àti bí o ṣe mọ̀ pé ó ti yanjú. Ìbéèrè náà á sì wá báyìí: “Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí o yanjú ìṣòro kan níbi iṣẹ́.” Ìgbà kan ni wọ́n béèrè. Ẹni tó bá dáhùn pé, “Tí ìṣòro bá dé, mo máa ń fara balẹ̀, mo máa ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀,” kò tíì sọ ohun kan tí ìgbìmọ̀ lè kọ sílẹ̀, bó ti wù kó dùn gbọ́ tó.

Jẹ́ ká mú irú iṣẹ́ tìrẹ gan-an. Ká sọ pé fáìlì máa ń sọnù ní ọsibítù yín. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́:

“Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, fáìlì máa ń sọnù gan-an níbi iṣẹ́ wa. A ṣe ìpàdé lórí ẹ̀, a gbé ètò tuntun kalẹ̀, gbogbo èèyàn fọwọ́ sowọ́ pọ̀, Ọlọ́run sì ràn wá lọ́wọ́, nǹkan wá ń lọ dáadáa.”

Máàkì 2 nìyẹn, nígbà mìíràn 1. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí ìwọ ṣe. Wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà báyìí:

“Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ kílíníìkì aboyún, 60 fáìlì la nílò, a ò rí 11 nínú wọn. Àwọn aboyún tó ti Ìkòyí àti Ajílété wá dúró di ọ̀sán, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń ṣí káàdì tuntun fún wọn. Èmi ni yàrá fáìlì wà níkàáwọ́ mi. Mo wá àwọn 11 yẹn kiri, mo sì ń kọ ibi tí mo ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 7 wà ní yàrá àyẹ̀wò, 3 wà lórí tábìlì dókítà, 1 ni wọ́n tò sí nọ́ńbà míì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé fáìlì ò sọnù, ńṣe ló ń jáde láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gé páálí pupa, mo ní kí ẹni tó bá mú fáìlì kọ nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ń gbé e lọ, déètì àti orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó fi há àyè fáìlì náà. Àwọn ará yàrá àyẹ̀wò kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ó ń dá àwọn dúró. Mo mú àkọsílẹ̀ mi lọ bá ọ̀gá wọn, mo sì gbà láti máa kọ páálí náà fún wọn fúnra mi ní àárọ̀ ọjọ́ kílíníìkì. Oṣù kan lẹ́yìn náà, 2 péré la wá tì. Métírọ̀nù ní kí àwọn wọ́ọ̀dù náà máa lò ó. Tí mo bá tún un ṣe, màá ti bá yàrá àyẹ̀wò sọ̀rọ̀ kí n tó gé páálí kankan.”

Èyí á gba 4 lọ́wọ́ mi, ó sì lè gba 5. Ọwọ́ mi ò ní dúró lórí ìwé: ó wá ìdí rẹ̀, ó yan ohun kan ṣe, wọ́n takò ó, ó wá ọ̀nà míì, ó ka iye ṣáájú àti lẹ́yìn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, tó fi sọ ohun tó kọ́, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń ya 5 sọ́tọ̀ lára 4. Iye tìrẹ gan-an ni kí o lò. Má ṣe hùmọ̀ kankan, torí wọ́n máa tọ pinpin rẹ̀: “Báwo lo ṣe kà á? Ta ló bá ọ kà á?” Ìbéèrè méjì péré ló máa ń tú ìtàn àhùmọ̀ fó.

Wo ohun kan nínú ìtàn yẹn: kò sí orúkọ aláìsàn kankan níbẹ̀, kò sì dárúkọ dókítà tó kó fáìlì sórí tábìlì. Ó ṣeé ṣe kí pípa àṣírí mọ́ wà lára àmúyẹ márùn-ún rẹ. Mo ti rí ẹni tó sọ ìtàn dáadáa lórí bó ṣe ń tọ́jú àṣírí, tó sì dárúkọ aláìsàn náà àti àìsàn tó ń ṣe é lójú wa. Àmì tí a fẹ́ fún un ní máàkì lé lórí ni òun fúnra rẹ̀ nù kúrò.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ wa nílé pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, pé “a” ló yẹ ká wí níwájú àgbà. Nínú yàrá yìí, ìgbìmọ̀ kò lè fún gbogbo ọsibítù yín ní máàkì. Ohun tí ọ̀gá rẹ ṣe, sọ pé ọ̀gá ló ṣe é. Ohun tí ẹ jọ ṣe, sọ bẹ́ẹ̀, kí o wá tọ́ka sí ibi tó jẹ́ tìrẹ. Ìyẹn kì í ṣe ìgbéraga, òótọ́ tó pé ni.

Ní ti àsìkò, 30 ìṣẹ́jú fún àmúyẹ márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yọ ìgbà tí wọ́n máa fi ka ìbéèrè àti ìgbà tí wọ́n máa fi tọ pinpin, ó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ láti sọ̀rọ̀. Lo nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú láti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ìṣẹ́jú méjì fún ohun tí o ṣe, ààbọ̀ tó kù fún àbájáde. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé ìwà ẹni tó wà lórí àga ṣáájú wọn, alága á sì dá wọn dúró kí wọ́n tó dé orí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé, “Kí ni ìwọ gan-an ṣe?”, má bínú, má sì tún ìtàn náà kà láti òkè. Ẹni tó béèrè rí àyè tó ṣófo nínú ìwé rẹ̀ ni, ó ń fún ọ láǹfààní láti dí i. Tí gbogbo wọn bá sì dorí kodò tí wọ́n ń kọ̀wé, tí yàrá dákẹ́, jẹ́ kó dákẹ́. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.

Wá ìtàn márùn-ún, kí o fi méjì kún un, torí ìbéèrè lè gba ibi tí o kò rò wá. Èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta ló dára jù. Tí iṣẹ́ ọsibítù kò bá bo àmúyẹ kan, ìgbà agùnbánirọ̀ rẹ tàbí ipò akọ̀wé tí o dì mú nínú ẹgbẹ́ kan náà jẹ́ ẹ̀rí.

Kọ́kọ́ sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan lédè Yorùbá kí ètò rẹ̀ lè dúró, lẹ́yìn náà kí o máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ síta, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe é, ẹni tó bá sì ń túmọ̀ lọ́kàn lórí àga máa ń pàdánù àsìkò rẹ̀. Ní kí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ rẹ kan jókòó pẹ̀lú bírò, kó má kọ nǹkan míì àfi ohun tó gbọ́ pé ìwọ fúnra rẹ ṣe. Tí o bá parí tí kò kọ tó ìlà mẹ́rin, ìtàn náà kò tíì ṣe tán. Ìwé yẹn ni kí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wò, má gbára lé “ó dáa” tó bá sọ.

Tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n pè ọ́ sí, sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí o má fi ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kó ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ àti lẹ́tà ìpè dání. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìparí bóyá o ní ìbéèrè, kò sábà ní máàkì lórí ìwé. Béèrè ìgbà tí wọ́n máa fi èsì ránṣẹ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o dìde.