Sísún àtò sí ọ̀tún pẹ̀lú ìyísódì mẹ́ta: ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

*Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Wọ́n ní kí n sún àwọn nọ́ńbà inú àtò kan sí ọ̀tún ní ìgbà k, kí n má sì dá àtò kejì. Mo kọ `nums = nums[-k:] + nums[:-k]`. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde nínú `rotate`, ó pé. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde níta, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wà. Ẹnì kan wá ní kí n yí i sódì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èwo ni mo máa kọ́kọ́ yí, kí ló sì dé tó fi ń ṣiṣẹ́?*

Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìlà yẹn kúrò lọ́nà. Ohun tí o kọ ò fọwọ́ kan àtò tí wọ́n gbé fún ọ rárá. Ó gé apá méjì, ó so wọ́n pọ̀ di àtò tuntun, ó wá mú orúkọ `nums` kúrò lára ti àtijọ́, ó fi lé tuntun lórí. Ẹni tó wà níta ṣì di ti àtijọ́ mú. Bí o bá kọ `nums[:] = nums[-k:] + nums[:-k]`, tòde náà á yí, torí inú àtò kan náà lo ń da àwọn nọ́ńbà padà sí. Àmọ́ àtò kejì á ti wáyé kó o tó dà á padà, ohun tí wọ́n sì ní kó o má ṣe nìyẹn.

Ó yá, gé bébà pélébé méje, kọ 1 dé 7 sí wọn, kó o tò wọ́n sórí tábìlì. Má fojú inú wò ó, fọwọ́ ṣe é. Ká ní k jẹ́ 3. Ibi tí à ń lọ ni 5 6 7 1 2 3 4. Mẹ́ta tó wà nídìí ló ń bọ̀ níwájú, mẹ́rin tó wà níwájú ló ń lọ sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó kọjá ẹnì kejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ní báyìí, yí gbogbo rẹ̀ sódì, kí èyí tó wà lórí bọ́ sí ìdí:

```
7 6 5 4 3 2 1
```

Wo ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà. 5, 6 àti 7 ti dé iwájú, 1 dé 4 ti dé ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti wà ní àyè wọn, àmọ́ inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣì wà lódì. Ìyẹn ni ìyísódì méjì tó kù wá tún ṣe: yí mẹ́ta àkọ́kọ́ sódì, ó di 5 6 7 4 3 2 1. Yí mẹ́rin tó kù sódì, ó di 5 6 7 1 2 3 4. Ohun tó bá wà lódì, bí a bá tún yí i sódì, á padà sí bó ṣe wà. Gbogbo àṣírí rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

```python
def yi_sodi(a, i, j):
    while i < j:
        a[i], a[j] = a[j], a[i]
        i += 1
        j -= 1

def rotate(a, k):
    n = len(a)
    if n == 0:
        return
    k %= n
    yi_sodi(a, 0, n - 1)
    yi_sodi(a, 0, k - 1)
    yi_sodi(a, k, n - 1)
```

Ìlà `k %= n` ṣe pàtàkì, torí bí àtò bá jẹ́ méje tí o sún un ní ìgbà méje, ibi tó ti gbéra ló padà sí. Ìgbà mẹ́wàá àti ìgbà mẹ́ta ò yàtọ̀. Bí àtò bá ṣófo, ìlà yẹn á fẹ́ fi òdo pín nǹkan, Python á sì dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yẹ `n == 0` wò ṣáájú.

Mo fẹ́ sọ ibi tó ti mú èmi, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa mú ọ bí o kò bá ṣọ́ra.

Ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ ní Ìbàdàn ló ní kí n bá òun ṣe nǹkan tí á máa ka ooru inú ẹ̀rọ ìsàba ẹyin òun, torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Arduino Uno ni mo lò, ìrántí tó sì ní fún iṣẹ́ kò ju báìtì 2,048 lọ. Mo ní kó máa ka ooru ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, mo ṣí àyè 600 sílẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n wákàtí. Nọ́ńbà kan ń gba báìtì 2, báìtì 1,200 ti lọ nìyẹn. Bí àyè bá kún, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á bọ́ sí àyè èyí tó pẹ́ jù lọ, á máa yípo bẹ́ẹ̀. Àmì kan, `p`, ló ń tọ́ka sí àyè tí a ó kọ sí tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá ti kún, ibẹ̀ náà ni èyí tó pẹ́ jù wà.

Nígbà tí a bá fẹ́ kó o jáde, èyí tó pẹ́ jù ló yẹ kó ṣáájú. Mo kọ́kọ́ dá àtò kejì láti fi tò ó. Báìtì 1,200 lórí 1,200 ju 2,048 lọ, àmọ́ kò sí ohun tó kìlọ̀ fún mi nígbà tí mo ń gbé e sórí pátákó, torí inú iṣẹ́ tó ń kó o jáde ni àtò kejì yẹn ti ń wáyé. Kìkì pé gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó kó o jáde, pátákó á kú, á tún jí, gbogbo ohun tó ti kà láti àná á sì ti lọ. Alẹ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyísódì mẹ́ta tó wúlò fún mi, torí kò bèèrè ju àyè nọ́ńbà kan lọ láti fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Mo kọ ọ́, mo fi nọ́ńbà mẹ́fà dán an wò, mo fi `p` sí 3. Ó tò bó ṣe yẹ. Mo gbé e lọ fún wọn.

Ní ọjọ́ kan, `p` wà ní 200. Àkọsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, mo sì kó o jáde ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ooru ti wá láti 37.5 sí 34 níbì kan, ìwé mi sì sọ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, aago mẹ́jọ alẹ́ ni iná lọ. Èmi fúnra mi ni mo tan jẹnẹrétọ̀.» Òótọ́ ló sọ. Wákàtí mẹ́wàá gbáko ni mo fi ṣìnà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti gbé èyí tó wà ní àyè 200 wá sí àyè òdo, òsì ló yẹ kí n sún un sí ní ìgbà 200, tí í ṣe ọ̀tún ní ìgbà 400, ìyẹn `n - p`. Èmi fi `p` sún un sí ọ̀tún. Èyí tó pẹ́ jù, tó wà ní 200, bá ara rẹ̀ ní 400. Igba àyè ló wá wà láàárín ohun tó wà níwájú ìwé mi àti ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Igba lọ́nà ìṣẹ́jú mẹ́ta sì ni wákàtí mẹ́wàá.

Kí ló dé tí ìdánwò mi kò fi sọ fún mi? Nínú mẹ́fà, mẹ́ta ni ìdajì. Sún un sí ọ̀tún ní ìgbà mẹ́ta, sún un sí òsì ní ìgbà mẹ́ta, ibì kan náà ni yóò balẹ̀ sí. Mo ti rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn míràn láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà míràn ló gbà wọlé sí wọn: wọ́n yí gbogbo rẹ̀ sódì tán, wọ́n wá ka `n - k` àkọ́kọ́ dípò `k`. Ìyẹn náà ti sọ ọ̀tún di òsì, ìdánwò onímẹ́fà á sì tún kọjá lọ láìsí ariwo.

Torí náà, méje àti mẹ́ta ni kó o fi dán an wò, kí nọ́ńbà kan má sì jọ èkejì. Èsì tí o bá rí á sọ ibi tí ọwọ́ rẹ ti yọ̀. Bí o bá rí 4 5 6 7 1 2 3, `n - k` lo kà níwájú, tàbí kẹ̀, òsì lo sún un sí. Bí o bá rí 4 5 6 1 2 3 7, ìyísódì kejì lo jẹ́ kó dé `k`, nígbà tó yẹ kó dúró ní `k - 1`. Ti 7 tó jókòó sí ìdí yẹn ló máa ń tú u fó.

O bèèrè pé èwo ni ká kọ́kọ́ yí. O lè fi odindi ṣe ìkẹyìn bí o bá fẹ́, àmọ́ ìwọ̀n apá á yí padà: `n - k` ló máa wà níwájú, `k` ló máa wà lẹ́yìn, torí àwọn ẹgbẹ́ náà ò tíì pààrọ̀ àyè nígbà tí ò ń yí wọn. Fi bébà rẹ wò ó: 4 3 2 1 7 6 5, lẹ́yìn náà odindi sódì, ó di 5 6 7 1 2 3 4. Èmi máa ń fi odindi ṣáájú, kí n lè máa ka `k` láti iwájú.

Ní ti iṣẹ́ tó ń ṣe, ti 600 mi yẹn, nígbà tí k jẹ́ 400, pàṣípààrọ̀ 300 ni fún odindi, 200 fún apá kìíní, 100 fún apá kejì. Ẹgbẹ̀ta ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ní kí n máa fa ẹyọ kan láti ìdí wá síwájú ní ìgbà 400, tí mo ń sún gbogbo èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tó ìṣísẹ̀ 240,000.

Ohun kan tó kù: bí k bá lè jẹ́ òdì, bíi -1, Python á sọ `-1 % 7` di 6, èyí tó tọ̀nà, torí òsì lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní C, Java àti JavaScript, -1 ló máa wà ní -1, `yi_sodi` á sì fẹ́ lọ fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe ti àtò rẹ. Níbẹ̀, kọ `k = ((k % n) + n) % n`.

Bí ó bá sì jẹ́ pé o kàn fẹ́ ka àtò náà tẹ̀ léra ni, láìní gbé e fún ẹlòmíràn, má sún ohunkóhun. Ka `a[(p + i) % n]` láti i = 0 lọ. Ohun tó wà nínú pátákó ẹ̀rọ ìsàba náà lónìí nìyẹn.