Núdù, bísíkíìtì àti sùpàgẹ́tì tó ti kọjá déètì: òróró inú wọn ni kí ẹ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iléṣà la wà. Àìsàn ló mú kí ìyá mi ti ṣọ́ọ̀bù onípáànù wọn pa, ó sì ti lé lọ́dún kan. Nígbà tí a ṣí i, a bá páálí núdù mẹ́ta níbẹ̀, pẹ̀lú bísíkíìtì oníkírímù, kábíìnì àti sùpàgẹ́tì díẹ̀. Déètì ara núdù ti kọjá láti oṣù 14, ti bísíkíìtì méjèèjì láti oṣù 8, ti sùpàgẹ́tì láti oṣù 4. Ojú wọn ṣì dáa. Àbúrò mi ní ká kó gbogbo ẹ̀ dànù, ìyá mi ní owó ni. Ṣé a lè jẹ ẹ́, àbí ká tà á ní ẹ̀dínwó?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Màmá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Títà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ì báà jẹ́ ní ìdajì owó. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni ta oúnjẹ tí déètì rẹ̀ ti kọjá, NAFDAC sì máa ń gba irú ọjà bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ra á lọ́wọ́ yín ò mọ inú ooru tó ti wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ lè pinnu fún ara yín, ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi sùpàgẹ́tì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi ni, wọ́n pò ó, wọ́n gbẹ ẹ́ títí ó fi le gan-an. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí ọbẹ̀ kan tàbí kí búrẹ́dì bu ò lè dàgbà níbi tí omi ò sí. Òróró inú sùpàgẹ́tì náà ò tó nǹkan. Nítorí náà, oṣù 4 lẹ́yìn déètì ò tíì ṣe é ní nǹkan kan, tí ọ̀rá rẹ̀ ò bá ya, tí omi ò kàn án, tí kòkòrò ò sì wọ inú rẹ̀. Ẹ tú u sórí àwo funfun kẹ́ ẹ wò ó. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú nísàlẹ̀ ọ̀rá àti ihò tíntìntín lára ọ̀pá sùpàgẹ́tì. Bí kò bá sí, ẹ sè é kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.

Núdù ò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé nǹkan gbígbẹ kan náà ni òun àti sùpàgẹ́tì. Núdù tí à ń sè ní ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí, dídín ni wọ́n ń dín púpọ̀ nínú wọn nínú òróró kí wọ́n tó dì í. Òróró ló lé omi jáde lára rẹ̀, òróró náà ló sì gba ipò omi. Nínú ọ̀rá kékeré oní gíráàmù 70, òróró tó wà níbẹ̀ máa ń tó bíi gíráàmù 12, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá náà, wọ́n kọ iye rẹ̀ síbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń ba òróró yẹn jẹ́, kì í ṣe àìfojúrí. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń jà á, tí nǹkan mìíràn tó ń rùn, tó sì korò, ń jáde lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń bá a yára, ṣùgbọ́n ooru ló burú jù. Ní ìṣirò gbogbogbòò, bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 gòkè lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìbàjẹ́ náà á yá ní bí ìlọ́po méjì. Déètì tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá dá lé pé ibi tó tutù, tó gbẹ, ni wọ́n gbé e sí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi páànù bò, tí kò ní síílìn, tí wọ́n tì pa fún odidi ọdún kan, kì í ṣe irú ibẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí náà, mo máa ń rí páálí núdù tí wọ́n tò síwájú ìsọ̀ tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí pé irú èyí lè bà jẹ́ kí déètì rẹ̀ tó pé.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ojú núdù ò ní yí padà. Kò ní bu, kò ní rọ̀. Imú àti ahọ́n ló lè sọ fún yín, ẹ sì ní láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ bu díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ife, ẹ da omi tó ń hó lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má fi èròjà inú ọ̀rá kékeré yẹn sí i, torí ata àti iyọ̀ rẹ̀ á bo òórùn náà mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ooru tó lọ. Núdù tó dáa á máa rùn bí ìyẹ̀fun sísè lásán. Èyí tó ti bà jẹ́ á rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé. Bí òórùn rẹ̀ ò bá yé yín, ẹ fi èyí tó kéré gan-an kan ahọ́n: bó bá korò, tàbí tó ń họ yín lọ́fun, ẹ tu ú dànù. Sísè rẹ̀ pẹ́ ò lè tún òróró náà ṣe.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Jàpáàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé núdù yìí jáde ní 1958. Ní 1964, àwọn èèyàn kan ṣàìsàn níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ núdù tí òróró rẹ̀ ti bà jẹ́. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni irú rẹ̀ sábà máa ń fà. Ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan ò ní kú, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti fara gbá a. Páálí mẹ́ta yín yìí, tó ti fi oṣù 14 kọjá déètì, tó sì wà lábẹ́ páànù, èmi ò ní jẹ ẹ́, kódà bí imú mi ò bá mú nǹkan kan.

Bísíkíìtì oníkírímù ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí núdù, torí òróró àti ṣúgà ló pọ̀ jù nínú kírímù náà. Ẹ ya méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn kírímù àárín. Mo fura pé á ti máa rùn. Kábíìnì ní òróró díẹ̀, ó sì gbẹ dáadáa, nítorí náà tirẹ̀ ṣì lè dára. Ẹ kán an: bó bá dún, tí kò sì rùn, àgbà inú ilé lè jẹ ẹ́. Bó bá ti rọ̀ láì rùn, ọ̀rinrin ló wọlé, adùn rẹ̀ ló lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ibi tó ti bu, ẹ da odidi ọ̀rá náà nù, ẹ má kàn gé ibẹ̀ kúrò. Májèlé tí àwọn kan lára ohun tó ń mú nǹkan bu máa ń pèsè kì í kú sínú iná.

Bí ọmọ ìkókó bá wà nílé, ẹ má fún un ní ohunkóhun tó ti kọjá déètì, pàápàá mílíìkì àti oúnjẹ ọmọ. Fítámínì inú wọn ń dín kù bí ọjọ́ ti ń lọ, ọmọ náà ò sì ní oúnjẹ mìíràn tó máa fi dí i.

Bí ẹ bá ń da núdù náà nù, ẹ ya ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tú u sínú omi kó tó dé orí ààtàn. Àwọn kan wà tó máa ń ṣà á níbẹ̀ láti tún un tà. Ẹ má sì kó o fún adìẹ yín, torí òróró tó bà jẹ́ máa ń pa fítámínì inú oúnjẹ wọn.