Ẹ má ti ilẹ̀kùn fíríjì tí ẹ pa

"Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi bímọ sí Pọ́táàkọ́ọ̀tù, mò ń lọ bá a tọ́jú ọmọ, ó lè tó oṣù mẹ́ta. Kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé mi ní Àkúrẹ́. Ṣé kí n pa fíríjì ni àbí kí n fi í sílẹ̀ lórí iná? Wọ́n ní tí mo bá pa á, inú ẹ̀ á bu."

Mà, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Ẹ pa á jàre. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe ń ṣe, tó bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sẹ́ni nílé, yìnyín inú firísà á yọ́, omi ẹ̀ á wà nínú ibi tí a dé pa, tó tún móoru, ebu ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pípa tí a pa á kọ́ ló ń jẹ́ kó bu, omi tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ni, àti ilẹ̀kùn tí a tì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìjọ́kà rìnrìn àjò nígbà òjò, wọ́n pa tiwọn, wọ́n nu inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí mo ṣí fíríjì yẹn, mo sáré jáde sí kọ́rídọ̀ kí n tó lè mí. Ara ògiri inú ẹ̀ ti ní àmì róbótó róbótó aláwọ̀ eérú, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn sì dúdú wínníwínní nínú gbogbo ibi tó ti ṣẹ́ po. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, òórùn ò lọ. Ìgbà tí mo yí i kúrò lára ògiri ni mo rí abọ́ pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ẹ̀, lórí kọ̀mpírẹ́sọ̀, omi àtijọ́ wà níbẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá. Ihò kékeré tí omi ń gbà lọ síbẹ̀ láti inú fíríjì, ewé ẹ̀fọ́ ti dí i. Ibẹ̀ gan-an ni òórùn ti ń wá, kò sì sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀.

Torí náà, tó bá ku bí ọjọ́ méjì kí ẹ lọ, ẹ kó ẹran àti ẹja fún àwọn aládùúgbò, ẹ wá yọ pílọ́ọ̀gì kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má kàn pa á lára ògiri, torí tí iná bá fi agbára dé kò ní rí i bà jẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí yìnyín yọ́ fúnra ẹ̀. Tí ẹ bá ń kánjú ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná sínú firísà, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́ o, páìpù gáàsì wà lẹ́yìn ibẹ̀, tó bá lu báyìí gáàsì lọ nìyẹn, owó fíríjì tuntun ni ẹ máa wá.

Bẹ́kínsóódà ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ṣíbí ìjẹun méjì sínú lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan. Ọṣẹ olóòórùn dídùn ò da, òórùn ẹ̀ máa ń wọ ara pílásítíìkì. Gbogbo àwọn abọ́ ẹ̀fọ́ àti pẹpẹ inú ẹ̀ ni kí ẹ yọ síta kí atẹ́gùn fẹ́ wọn. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ fi ọwọ́ fà á, ẹ fi burọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gba inú ẹ̀. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ihò yẹn, tí kò bá wọlẹ̀, nǹkan ti dí i. Tí abọ́ ẹ̀yìn kò bá ṣeé yọ, ẹ fi aṣọ fa omi ẹ̀ gbẹ.

Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu mọ́jú. Láàárọ̀ ẹ fi tíṣù ti inú rọ́bà àti ihò yẹn, tó bá jáde pẹ̀lú omi, kò tíì gbẹ.

Ẹ wá fi igi tàbí táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ ká há ẹnu ilẹ̀kùn kó fi bí ìka mẹ́rin sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ fíríjì ló fì sẹ́yìn díẹ̀, ilẹ̀kùn á ti ara ẹ̀ pa. Ẹ fi okùn so ó káàkiri kó má ṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá tí ẹnì kan á máa kó ọmọ wá bá yín wo ilé, ọmọ tó bá wọ inú fíríjì tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ ọn, kò ní rí èémí mí. Firísà onídèérí náà, igi lábẹ́ ìdérí ẹ̀.

Tí ẹ bá dé, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó kó oúnjẹ sí i. Tí rọ́bà bá tẹ̀ níbi tí igi wà, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná lé e títí á fi rọ̀, ẹ wá fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn kí ẹ tì í, tí bébà náà bá ń yọ̀ jáde wẹ́rẹ́, rọ́bà ò tíì mú níbẹ̀.