"Kò ṣàì": ìgbà wo ni "kò" méjì máa ń pa ara wọn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí. Wọ́n ní ká sọ ¬(¬P ∧ Q) ∧ (P ∨ Q) di kékeré, ¬ ni kíkọ̀, ∧ ni "àti", ∨ ni "tàbí". Mo rí ¬ méjì, mo fi ọ̀kan pa èkejì, mo wá kọ P ∧ Q ∧ (P ∨ Q), wọ́n fagi lé e. Ṣebí bí "kò ṣàì" ṣe rí nìyẹn, tí a bá ní ẹnì kan kò ṣàì wá, ó wá ni. Kí ni "kò ṣàì" yìí túmọ̀ sí gan-an, kí ló sì dé tí tèmi ò fi gbà?

Ìdáhùn: "Àì" ni kíkọ̀ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kó lè di ọ̀rọ̀ orúkọ. Wá, àìwá. Mọ̀, àìmọ̀. Sùn, àìsùn. Tí "ṣe" bá wá pàdé "àì", wọ́n á wọnú ara wọn, á di "ṣàì", torí náà "ó ṣàì wá" ni pé ẹni yẹn ò wá. Ẹ wá gbé "kò" síwájú ẹ̀, kò ṣàì wá, ìyẹn ni pé àìwá yẹn gan-an ni ò ṣẹlẹ̀, ó wá nìyẹn. Tí a bá fi P dúró fún "ó wá", ¬P ni "ó ṣàì wá", ¬¬P ni "kò ṣàì wá", ¬¬P àti P ò sì yàtọ̀ síra, ibi tí ọ̀kan bá ti jẹ́ òótọ́ ni èkejì ti jẹ́ òótọ́. Lẹ́nu, "kò ṣàì wá" máa ń ní agbára díẹ̀ ju "ó wá" lásán lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹlòmíì létí, àmọ́ lọ́jíìkì ò ka ìyẹn sí, òótọ́ àti irọ́ nìkan ló ń wò.

Torí náà ohun tí ẹ sọ nípa "kò ṣàì" tọ̀nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni pé nínú "kò ṣàì" kíkọ̀ méjèèjì jọ ń bá ohun kan ṣoṣo wí ni, kò sí nǹkankan tó dá wọn lẹ́nu láàárín. Ẹ fi "lè" sáàárín wọn kẹ́ ẹ wò ó: "kò lè ṣàì wá". Tó bá jẹ́ pé kíkọ̀ méjì ń pa ara wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà, ó yẹ kó ku "ó lè wá". Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ báyẹn, gbogbo wa la máa gbọ́ ọ pé dandan ni kó wá. "Lè" tó wà láàárín ò jẹ́ kí wọ́n fara kanra, ìtumọ̀ sì yí pátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fọ́múlà yín nìyẹn. Nínú ¬(¬P ∧ Q), ¬ àkọ́kọ́ ń bá gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́ wí, ¬ kejì ń bá P nìkan wí. Àkámọ́ wà láàárín wọn, ∧ náà sì ń dúró de kí wọ́n bá òun náà sọ̀rọ̀. Ẹ ò lè pa wọ́n, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé ¬ ti ìta wọlé dé iwájú P. Bí a ṣe ń gbé e wọlé yẹn ló níṣòro, ibẹ̀ náà sì ni èdè wa ti máa ń tan èèyàn jẹ, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan: "òjò rọ̀, atẹ́gùn sì fẹ́". Ní báyìí P ló dúró fún "òjò rọ̀", Q fún "atẹ́gùn fẹ́", gbólóhùn yẹn sì ni P ∧ Q. Ká wá ní ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kìíní méjèèjì ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ kejì òjò nìkan, lọ́jọ́ kẹta atẹ́gùn nìkan, lọ́jọ́ kẹrin kò sí ìkankan. Gbólóhùn yẹn jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ kìíní nìkan. Tí ẹnì kan bá wá ní irọ́ ni, kì í ṣe òótọ́ pé òjò rọ̀ tí atẹ́gùn sì fẹ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, torí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni ti àkọ́kọ́ ti jẹ́ irọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ sílẹ̀ ni "òjò ò rọ̀, atẹ́gùn ò sì fẹ́", ìyẹn ¬P ∧ ¬Q, ọjọ́ kẹrin nìkan nìyẹn sì bá mu. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ti bọ́ sọnù. Èyí tó mú ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni "òjò ò rọ̀ tàbí atẹ́gùn ò fẹ́", pé ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì ò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà bí ¬ bá ṣe ń wọnú àkámọ́, ∧ máa di ∨, ∨ náà á sì di ∧, ≡ ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò yàtọ̀ síra:

```
¬(P ∧ Q) ≡ ¬P ∨ ¬Q
¬(P ∨ Q) ≡ ¬P ∧ ¬Q
```

Orúkọ Augustus De Morgan, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láàárín 1806 sí 1871, ni wọ́n fi ń pe òfin méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ lọ́jíìkì bí Ockham ti sọ ọ́ lọ́rọ̀ ẹnu láti ọ̀rúndún kẹrìnlá.

Òfin kejì ò kí ń yọ wá lẹ́nu, torí a ti ń lò ó láìmọ̀. Tí ẹnì kan bá ní "kò sí òjò tàbí atẹ́gùn lánàá", gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ìkankan ò sí, kò sí òjò, kò sì sí atẹ́gùn. "Tàbí" ti di "sì" fúnra ẹ̀ lẹ́yìn "kò". Ti àkọ́kọ́ ni wàhálà. Ẹ wo "kò sí òjò àti atẹ́gùn lánàá", báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ? Èmi gbọ́ ọ pé ìkankan ò sí, ọ̀pọ̀ èèyàn náà á sì gbọ́ ọ báyẹn, ìyẹn ni pé gbólóhùn méjèèjì ti di ọ̀kan náà létí wa, "àti" o, "tàbí" o. Ohun tó fà á ni pé inú gbólóhùn ni "kò" máa ń jókòó sí, ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń kọ̀, kì í dúró níta kó wá kọ gbogbo gbólóhùn lápapọ̀. Ohun tó máa ń dúró níta lédè wa ni "kì í ṣe òótọ́ pé". Torí náà ìgbàkígbà tí ẹ bá rí ¬ níwájú àkámọ́, ẹ má kà á sí "kò", ẹ kà á sí "kì í ṣe òótọ́ pé", kí ẹ wá bi ara yín pé àwọn ọjọ́ wo ni ìyẹn mú. Ẹ tún rántí pé ∨ gba méjèèjì, tí òjò àti atẹ́gùn bá jọ wáyé P ∨ Q ṣì jẹ́ òótọ́, kò dà bí "tàbí" tí a fi ń ní kí èèyàn mú ọ̀kan.

Ẹni tó bá ń kọ kóòdù á mọ bí àṣìṣe yìí ṣe ń dun èèyàn. Ká ní páswọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà 8 ó kéré tán, kó sì ní nọ́ńbà nínú, èyí tí ò bá pé ká dá a padà. Ká pe ti àkọ́kọ́ ní `gun`, ti èkejì ní `nomba`. Ẹnì kan wá kọ ọ́ báyìí:

```python
if not gun and not nomba:
    print("Ko gba")
```

Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ tẹ `abcdefgh` sí i. Ó gùn tó, kò ní nọ́ńbà, torí náà `not gun` jẹ́ irọ́, `and` ò sì gbà kí irọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni páswọ́ọ̀dù yẹn bá wọlé. `ab1` náà á wọlé, nítorí ó ní nọ́ńbà. Àfi irú `abc`, tí ò gùn tí ò sì ní nọ́ńbà, ló máa dá padà. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta tó bọ́ sọnù lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. `if not gun or not nomba` ló yẹ kó kọ, tàbí kó fi sínú àkámọ́, `if not (gun and nomba)`. Ẹ má sì yọ àkámọ́ yẹn, torí `not gun and nomba` ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, `not` á mú `gun` nìkan, á fi `nomba` sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà síbi ìbéèrè yín. A máa kọ́kọ́ gbé ¬ ti ìta wọlé. ¬(¬P ∧ Q) á di ¬¬P ∨ ¬Q, ∧ ti di ∨, ¬ ti wọlé dé iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yìí ni ¬ méjì tó wà níwájú P tó wá fara kanra bíi "kò ṣàì", ìgbà yìí sì ni ẹ lè pa wọ́n: P ∨ ¬Q. Fọ́múlà wá di (P ∨ ¬Q) ∧ (P ∨ Q).

Ẹ wo àkámọ́ méjèèjì dáadáa, P ∨ wà níwájú nínú ẹ̀kíní, ó wà níwájú nínú ìkejì. Òfin pínpín la máa lò níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn la ó ti wọ̀ ọ́, dípò ká pín P fún àwọn tó wà nínú àkámọ́, a máa gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Nínú ìṣirò tí gbogbo wa mọ̀, ìsọdipúpọ̀ ló ń pín wọnú ìròpọ̀, 3 × (4 + 5) bákan náà ni pẹ̀lú 3 × 4 + 3 × 5. Ìròpọ̀ ò lè pín wọnú ìsọdipúpọ̀, torí 3 + (4 × 5) jẹ́ 23, nígbà tí (3 + 4) × (3 + 5) jẹ́ 56. Èyí máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn bẹ̀rù láti fi ∨ pín wọnú ∧, ṣùgbọ́n nínú lọ́jíìkì ọ̀nà méjèèjì ló ṣí: P ∧ (Q ∨ R) ≡ (P ∧ Q) ∨ (P ∧ R), P ∨ (Q ∧ R) náà sì jẹ́ (P ∨ Q) ∧ (P ∨ R). Èkejì yìí la fẹ́ lò. Tí a bá gba P jáde, ohun tó kù nínú àkámọ́ kìíní ni ¬Q, ohun tó kù nínú ìkejì ni Q, ∧ ló sì so wọ́n pọ̀:

```
¬(¬P ∧ Q) ∧ (P ∨ Q)
≡ (¬¬P ∨ ¬Q) ∧ (P ∨ Q)
≡ (P ∨ ¬Q) ∧ (P ∨ Q)
≡ P ∨ (¬Q ∧ Q)
≡ P
```

¬Q ∧ Q ni pé atẹ́gùn ò fẹ́, ó sì tún fẹ́, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kankan, irọ́ pọ́ńbélé ni. P tàbí irọ́, P náà ló kù. Gbogbo fọ́múlà gígùn yẹn, P lásán ni, Q ò ní ipa kankan nínú ẹ̀ rárá.

Ẹ wá fi ti yín wé e. P ∧ Q ∧ (P ∨ Q) tí ẹ kọ, P ∧ Q náà ni, torí níbi tí P àti Q bá ti jọ jẹ́ òótọ́, P ∨ Q ti jẹ́ òótọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí atẹ́gùn ò fẹ́. P jẹ́ òótọ́, Q jẹ́ irọ́. Nínú fọ́múlà àkọ́kọ́, ¬P ∧ Q jẹ́ irọ́, ¬ iwájú ẹ̀ sọ ọ́ di òótọ́, P ∨ Q náà jẹ́ òótọ́, gbogbo ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ti yín, P ∧ Q, jẹ́ irọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti yàtọ̀, lọ́jọ́ mẹ́ta tó kù wọ́n bára mu, torí náà tí ẹ bá fi ọjọ́ kìíní tàbí ìkẹrin nìkan dán an wò, ẹ máa rò pé ó tọ̀nà. Tí ẹ bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ gbé e gba ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá.