Ìpè méjì ló wọlé, ọ̀kan ṣoṣo lò ń dá lóhùn

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 22 rèé tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì wa sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ọdún náà, wọ́n sì fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, kò kàn wù mí láti lọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ èsì tí mo tún fà á ya. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí sọ pé iṣẹ́ máa gbé mi rin ìrìn àjò lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ìrìn àjò kankan. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ gbé yàrá kan fún ọdún 3 ló fi ìpè náà ránṣẹ́, ó fọwọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ṣì máa ń rántí ọjọ́ ìbí mi lọ́dọọdún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 5 tí mo ti gbà á. Báwo ni mo ṣe máa kọ̀ tí wọn ò fi ní pè mí ní agbéraga?*
*— Ẹni Tí Kò Fẹ́ Lọ*

Ọ̀sẹ̀ 5! Pé kò wù ọ́ láti lọ, ìyẹn ò dùn mí rárá. Má lọ. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè pé kó o wá fara hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí yẹn, o sọ ọ́ wéré, o sì yára kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún olówó.

Jókòó, jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹnì kan ń kọ orúkọ àwọn ará kíláàsì sára ìwé ìpè, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dé orí tìrẹ, ó dúró, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ìgbìmọ̀ pè ọ́ sí ìpàdé. Ọ̀rẹ́ rẹ pè ọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 5 lo ti fi ń wá bó o ṣe máa dá ìgbìmọ̀ lóhùn, o ò sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa obìnrin yẹn. Àbí ọkùnrin ni? O ò tiẹ̀ sọ.

Irú lẹ́tà yìí pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, gbogbo wọn ló sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè wọ́n ní agbéraga. Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lódìkejì. Ọ̀nà mẹ́ta la pín orúkọ sí: àwọn tó ń bọ̀, àwọn tí kò ní wá, àtàwọn tí kò tíì fèsì. Ẹni tó bá ti ní òun ò ní wá, a ó fa ilà sí orúkọ rẹ̀, ó tán, kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkankan. Àwọn tí kò fèsì ló ń fún wa ní ẹ̀fọ́rí, torí ó ní ọjọ́ tá a gbọ́dọ̀ sọ iye àga àti iye oúnjẹ, a ó sì san owó ẹni tí kò wá bí ẹni tó wá. Èyí tó burú jù ni ẹni tó ní “màá gbìyànjú.” Ẹni tó ń bọ̀ la kà á sí. Àga rẹ̀ ṣófo títí ilẹ̀ fi ṣú.

Irọ́ ìrìn àjò yẹn wá ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ ò ní tó ogún ọjọ́. Tó o bá sọ ohun tó ń dí ọ lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ràn rẹ á fẹ́ bá ọ mú un kúrò. Ẹnì kan á ní, “Ìlú wo lò ń lọ? Mo wà níbẹ̀, jẹ́ ká jọ jẹun.” Òmíràn á ní, “A lè sún ọjọ́ náà síwájú nítorí tìẹ.” Kí lo máa wá sọ nígbà náà? Irọ́ kejì nìyẹn. Tí wọ́n bá sì fún ọ lésì pé “a ṣì ń retí rẹ o,” kó o yáa mọ̀ pé o ò tíì kọ̀. “Mi ò ní wá” ti tó. Kò béèrè pé kó o to ìdí tì í.

Ó tún ku ibì kan tí o ò rò dé. Ta lo rò pé ó máa ṣí èsì tó o fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀? Ṣebí òun ló fi ìpè ránṣẹ́? Ojú ẹni tó ń rántí ọjọ́ ìbí rẹ fún ọdún 22 lo fẹ́ wò, kó o pa irọ́ fún un.

Nítorí náà, èsì méjì ni, tọ̀rẹ́ rẹ ló sì máa kọ́kọ́ lọ, kó má lọ jẹ́ pé inú ìwé orúkọ ló ti máa rí i pé o ò wá. Kọ ọ́ sí òun nìkan, má fi sójú gbogbo ẹgbẹ́. Irú èyí ni:

*“Mo rí ohun tó o kọ sísàlẹ̀ ìwé ìpè. Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo fi wá ohun tí mo máa sọ, ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn, má bínú. Mi ò ní wá sí ìpàdé náà. Ìpàdé náà ni kò wù mí, kì í ṣe ìwọ ni mo ń sá fún. Tó o bá ráyè, ṣé mo lè pè ọ́ lálẹ́ Sátidé?”*

Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ pè é, yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrò. Dúpẹ́ pé ó rántí rẹ, kó o sì dúró níbẹ̀. Má fi ìpè tí o ò ní pè tù ú nínú.

Ti ìgbìmọ̀ kò le:

*“Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí mi. Mi ò ní wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka àga mọ́ mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará kíláàsì. Mo ṣì máa ń rántí ọ̀sẹ̀ ìdánwò àṣekágbá, bá a ṣe ń kàwé títí wọ́n á fi máa pa iná mọ́ wa lórí. Kí ìpàdé náà dùn o.”*

Fi ohun tí ìwọ fúnra rẹ rántí rọ́pò tèmi, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ èyí tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí ìkíni móoru. “Ẹ̀yin olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n” kò lè ṣe é, nígbà tó ti pé ọdún 22 tí o ò ti rí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Má kọ oyè rẹ àti iye ọmọ rẹ síbẹ̀, má sì ṣèlérí “nígbà míì,” torí orúkọ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ nígbà míì náà.

Alẹ́ òní ni kó o fi méjèèjì ránṣẹ́. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ tọ̀rẹ́ rẹ, ronú wò ná: ọjọ́ wo ni wọ́n bí òun? Tí o kò bá rántí, bi í nínú lẹ́tà náà.